Ọfà Orí Kẹfà

Nílé, Àbúrò ni wọ́n ń pè é, nítorí pé ọmọ méjì péré ni ìyá wọn bí, òun ló sì kéré. Ní yunifásítì tó ti ń ṣiṣẹ́, ọdún kẹrin rẹ̀ nìyẹn tó ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì ní kẹ́mísìrì. Kì í ṣe ẹni tí àyà rẹ̀ tètè ń já. Lọ́jọ́ tí ìgò ásíìdì fọ́ sórí tábìlì ní yàrá ìdánrawò, tí gbogbo ọmọ sá lọ sẹ́nu ilẹ̀kùn, òun ló dá dúró tó ń da omi sí i, tó ń bi wọ́n pé ta ló máa bá òun mú àkísà wá. Nítorí náà, nígbà tí akọ̀wé ẹ̀ka wọn rí i ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan tí ó dì mọ́ férémù ilẹ̀kùn bí ẹni tí ilẹ̀ ń yí lábẹ́ rẹ̀, ohun tó wá sí akọ̀wé náà lọ́kàn ni pé ẹnì kan ti kú.

"Ta ni, mà? Ta ni?"

"Kò sẹ́ni tó kú," ni Àbúrò wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣí kọ́bọ́ọ̀dù tí ẹ ń kó ìwé ìdáhùn ìdánwò sí."

Káàdì ló fà á. Lọ́dún yẹn, ó lé ní ìdajì àwọn ọmọ ọdún kejì tó fìdí rẹmi, orí kẹfà ló sì gbé ọ̀pọ̀ wọn ṣubú. Orí kẹfà yìí ló ń ṣàlàyé bí èròjà kan ṣe ń di òmíràn: ìdè wo ló já, èwo ló so, níbo ni àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́nù, ìyẹn àwọn ẹyọ kéékèèké tó ń di èròjà mọ́ra, ti ṣí kúrò, níbo ni wọ́n lọ bà sí. Ẹni tó kọ ìwé náà, ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà kan ní ẹ̀ka náà tí gbogbo ayé ń pè ní Bàbá Ọfà, ti kó gbogbo ìgbésẹ̀ sínú àwòrán kan ṣoṣo fún ìyípadà kọ̀ọ̀kan. Ọfà mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá á wà lórí ara wọn bí okùn tí ewúrẹ́ lọ́ mọ́ igi. Kì í yé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n á há a sórí, wọ́n á dà á sórí ìwé, wọ́n á sì gbàgbé rẹ̀ kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà.

Ni olórí ẹ̀ka bá ní kí Àbúrò sọ orí náà di káàdì. Àbúrò rò ó dáadáa. Ó pinnu pé káàdì kan, ìgbésẹ̀ kan. Àwòrán á wà níwájú, pẹ̀lú ọfà tí ìgbésẹ̀ yẹn nìkan nílò. Ìbéèrè mẹ́ta á wà lẹ́yìn, ìdáhùn á sì tẹ̀ lé wọn: Níbo ni ẹ̀lẹ́kítírọ́nù ti ń bọ̀? Níbo ló ń lọ? Ta ló di oní-àmì-àròpọ̀ (+), ta ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀?

Òfin ọfà kò le. Ìdí ọfà ni ibi tí ẹ̀lẹ́kítírọ́nù wà, orí ọfà ni ibi tó ń lọ. Kò sí ọfà tó ń tọ́ka sí ibi tí átọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀ ń rìn lọ. Ẹ̀lẹ́kítírọ́nù nìkan ni ọfà ń tẹ̀ lé. Ẹni tó bá di ìyẹn mú, orí kẹfà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé lọ dáadáa. Ó ti ṣe káàdì mọ́kànlá. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló kan èyí tí àwọn ọmọ ń bẹ̀rù jù, ìyẹn bí ásíìdì tó wà nínú fínígà ṣe ń bá ọtí ṣe tí wọ́n fi ń di ẹ́sítà, èròjà olóòórùn dídùn kan. Ìgbésẹ̀ mẹ́fà ni. Nínú èyí àkọ́kọ́, háídrójìn oní-àmì-àròpọ̀ kan á wá, á sì lẹ̀ mọ́ ọ́ksíjìn tí ìdè méjì so mọ́ kábọ́ọ̀nù. Àbúrò la ìwé sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, ó mú ọfà àkọ́kọ́ yẹn nìkan jáde láàárín èrò, ó yà á sórí káàdì bó ṣe wà nínú ìwé gẹ́lẹ́. Ó yí káàdì padà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìdáhùn. Níbo ni ẹ̀lẹ́kítírọ́nù ti ń bọ̀? Ó kọ ọ́ pé, "Láti ọ̀dọ̀ háídrójìn oní-àmì-àròpọ̀..."

Bíírò dúró.

Háídrójìn, ẹ̀lẹ́kítírọ́nù kan ṣoṣo ló ní láyé. Èyí tó bá ti gba àmì àròpọ̀, ẹyọ kan yẹn ló ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò ku ẹyọ kan. Ẹni tó bá ní òun á dáṣọ fún ọ, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò, ìhòòhò sì ni eléyìí wà. Kí ló fẹ́ fún ọ́ksíjìn? Ọ́ksíjìn gan-an ló ní ẹ̀lẹ́kítírọ́nù méjì-méjì tó jókòó sára rẹ̀ láìṣe nǹkan kan, òun ló yẹ kó na ọwọ́ sí háídrójìn. Ọfà náà ń fi ẹ̀yìn rìn.

Àbúrò rẹ́rìn-ín. Ó rò pé òun ló ṣi ọfà yà, pé oorun ló ń kun òun. Ó wo ìwé. Ìdí ọfà wà lára háídrójìn. Orí rẹ̀ wà lára ọ́ksíjìn. Ó gbé ìwé náà sún mọ́ ojú fèrèsé. Ó yá ẹ̀dà tiẹ̀ lọ́wọ́ olùkọ́ yàrá kejì, èyí tí wọ́n tẹ̀ nígbà kẹta. Bákan náà ni. Ó sáré lọ sí ibi ìkówèésí, ó wá ẹ̀dà àkọ́kọ́ pátápátá, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti já. Bákan náà ni. Ọdún méjìdínlógún ni ọfà yẹn ti ń fi ẹ̀yìn rìn láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń rìn bó ṣe tọ́, kò sì sẹ́ni tó rí i, nítorí pé inú èrò ló wà. Ìgbà tí Àbúrò mú un jáde tó fi òun nìkan sórí páálí funfun ni àṣírí rẹ̀ tú.

Ìyẹn nìkan kọ́ ló jẹ́ kó di férémù ilẹ̀kùn mú. Ohun tó já a láyà ni ìbéèrè kẹrin. Lọ́dọọdún, bí ọdún ti ń yí, ìbéèrè kẹrin nínú ìdánwò ọdún kejì kì í yí padà: "Ya ìgbésẹ̀ kìíní, kí o fi ọfà hàn."

Akọ̀wé ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Àbúrò fa fáìlì jáde, ìwé méjì sì já bọ́. Ó rí ìwé tí wọ́n fi ń ṣe máàkì. Ó wà níbẹ̀ ní lẹ́tà títẹ̀: Ọfà láti ara háídrójìn sí ara ọ́ksíjìn, máàkì márùn-ún. Ọfà tó bá kọjú sí òdìkejì, òdo. Nísàlẹ̀, àwọn tó ṣe máàkì ìbéèrè náà lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn fọwọ́ sí i. Orúkọ ẹlẹ́ẹ̀kejì, tirẹ̀ ni.

"Yéè!" Àbúrò fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Mà, ẹ jókòó ná," ni akọ̀wé wí.

Kò lè jókòó. Ó rántí ọjọ́ náà. Irínwó ìwé ìdánwò, ìbéèrè kan fún olùkọ́ méjì, yàrá gbóná, fáànù kò ṣiṣẹ́. Wọ́n gbé ìwé ìdáhùn lé e lọ́wọ́, ó sì dì í mú bí sójà ṣe ń di àṣẹ mú. Èyí jọ ọ́, ó yege. Èyí kò jọ ọ́, òdo. Kò wo ohun tó ń fi ọwọ́ ṣe. Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ jókòó sídìí ìdánwò yẹn lọ́mọ ọdún mọ́kàndínlógún, kò wò ó náà. Ó há àwòrán sórí, ó dà á sílẹ̀ bó ṣe wà, ó sì gba márùn-ún nínú márùn-ún.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti sọ lu ọkàn rẹ̀ bí ẹni ju òkò.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ti wà ní ẹ̀ka kan náà rí, ọdún mẹ́ta ṣáájú rẹ̀. Orí kẹ́mísìrì rẹ̀ pé ju ti Àbúrò lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣe ìdánwò ọdún kejì yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta ló sì fìdí rẹmi: méjìdínlógójì, mẹ́tàdínlógójì, méjìdínlógójì. Ogójì ló ń gbani là. Nígbà kẹta, yunifásítì ní kó máa lọ sílé. Àbúrò rántí ọjọ́ tó gbé lẹ́tà náà wá sórí tábìlì ìjẹun. Bàbá wọn, tó ń wa ọkọ̀ ojú irin nígbà yẹn, kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Bàbá, ìwé ló ṣì í," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Mo lọ bá wọn. Wọ́n ní ohun tó wà nínú ìwé ni ìdáhùn."

"Ìwé ọ̀jọ̀gbọ́n ló ṣì, ìwọ lo wá gbọ́n?" ni bàbá wọn wí. "Ọmọ tó mọ ìwé kì í bá ìwé jà."

Látọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ́ iṣẹ́ fíríìjì. Àwọn oníbàárà ń pè é ní Bọ̀dá Oníyìnyín, iṣẹ́ sì ń lọ. Àbúrò náà gbà nínú ọkàn rẹ̀ pé agídí ló ba ayé ẹ̀gbọ́n òun jẹ́. Ó tiẹ̀ ti fi ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rí, láìdárúkọ.

Ó kúrò ní ọ́fíìsì láìgbé báàgì. Nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kúnlẹ̀ sẹ́yìn fíríìjì funfun ńlá kan tó ti yọ ilẹ̀kùn rẹ̀, ó ń fi iná jó páìpù. Ó gbójú sókè.

"Ta ló lé ẹ? Ṣé kò sí nǹkan nílé?"

"Kò sí, Bọ̀dá mi. Ẹ bá mi ya nǹkan kan." Èémí kò tíì balẹ̀ fún un. "Ásíìdì fínígà àti ọtí. Ìgbésẹ̀ kìíní."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò ó. Ó pa iná. Ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, ó sì mú ẹfun tó fi ń sàmì sí ibi tí gáàsì ti ń jò.

"Ṣé èyí tó tọ̀nà lo fẹ́ ni, àbí èyí tó ń gba máàkì?"

Àbúrò jókòó sórí ẹ́ńjìnnì fíríìjì kan tó wà nílẹ̀, gírísì àti gbogbo rẹ̀.

"Èyí tó tọ̀nà."

Ọdún mọ́kànlá ti kọjá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò ronú lẹ́ẹ̀mejì. Ó ya kábọ́ọ̀nù sára fíríìjì, ó ya ọ́ksíjìn pẹ̀lú ìdè méjì, ó sàmì tó-tó mẹ́rin sára rẹ̀ fún àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́nù, méjì lápá ọ̀tún, méjì lápá òsì. Ó ya háídrójìn tó ní àmì àròpọ̀. Lẹ́yìn náà ló fa ọfà láti ibi àmì tó-tó méjì, ó tẹ̀ ẹ́ dáadáa, orí rẹ̀ sì bà sára háídrójìn. Kò dúró níbẹ̀. Ó ya ìgbésẹ̀ kejì: ọ́ksíjìn ọtí fi ẹ̀lẹ́kítírọ́nù méjì mú kábọ́ọ̀nù, ìdè kan nínú méjì já, ó sì gòkè lọ tu ọ́ksíjìn àkọ́kọ́ nínú. Ó ya ẹ̀kẹta, ibi tí ọ́ksíjìn ọtí ti ju háídrójìn rẹ̀ nù. Ẹ̀kẹrin, ibi tí ọ̀kan nínú àwọn ọ́ksíjìn ásíìdì ti gba háídrójìn mìíràn. Ẹ̀karùn-ún, ibi tí ìyẹn ti di omi tó sì bá tiẹ̀ lọ, tí ìdè méjì tún padà so. Nígbà tó dé ẹ̀kẹfà, tí háídrójìn tó gbẹ̀yìn jáde tó sì di òmìnira bó ṣe wà níbẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ fíríìjì oníbàárà ti kún.

"Wọ́n ní ká má fi sílẹ̀ láìparí," ló wí, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Àbúrò kò lè rẹ́rìn-ín. "Bọ̀dá mi, ẹ̀yin lẹ gbà á. Ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ gbà á! Máàkì márùn-ún yẹn, mẹ́tàlélógójì lẹ bá ní." Omi dà lójú rẹ̀. "Èmi gan-an ti fi òdo fún àwọn tó gbà á. Èmi fúnra mi, sódì ni mo yà á nínú ìdánwò."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ kí ni?"

"Mo mọ̀ pé sódì lo yà á." Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń wo ẹfun ọwọ́ rẹ̀. "Lálẹ́ tó ku ọ̀la kí ìdánwò yín bẹ̀rẹ̀, o ní kí n máa bi ẹ́ ní ìbéèrè. O ya àwòrán ìwé náà fún mi láìwo ibì kankan. Mo rí i."

"Ẹ ò wá sọ fún mi?"

"Kí n sọ kí ni? Tí mo bá tún un ṣe fún ẹ, wàá pàdánù máàkì márùn-ún. Ọ̀kan tó ti lọ nínú ilé yẹn tó."

Oníbàárà kan dé, ó béèrè fíríìjì rẹ̀, ó rí olùkọ́ yunifásítì tó jókòó sórí irin tó ń sunkún, ó ní òun á padà wá lọ́la.

Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn náà, Àbúrò lọ kan ilẹ̀kùn Bàbá Ọfà. Arúgbó ni wọ́n, oṣù díẹ̀ ló kù kí wọ́n fẹ̀yìn tì. Orúkọ yẹn tọ́ sí wọn, nítorí pé bí wọ́n bá ń ya ọfà lójú pátákó, gbogbo kíláàsì á dákẹ́ bí ẹni ń wo ẹyẹ tó fẹ́ bà. Àbúrò kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún àgbà. Ó kúnlẹ̀, ó sì gbé káàdì náà lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n wò ó, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín.

"Ta ló ya ìranù yìí? Ọmọ tó bá yà á báyìí, ẹ dá a padà sí ọdún kìíní!"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Èmi bí i ti báwo?"

Ó ṣí ìwé wọn sí ojú ewé náà. Bàbá Ọfà wọ awò ojú. Wọ́n bọ́ ọ. Wọ́n tún wọ̀ ọ́. Wọ́n fi ìka tẹ̀ lé ọfà náà láti ìdí dé orí, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, bí afọ́jú tó ń fọwọ́ wá ẹnu ilẹ̀kùn. Lójijì ni wọ́n dìde, wọ́n lọ fa àpótí kan jáde lábẹ́ tábìlì, wọ́n ń da ìwé jáde títí wọ́n fi rí èyí tí wọ́n fọwọ́ kọ. Nínú rẹ̀, ọfà náà tọ̀nà. Ẹni tó tún àwòrán yà níbi tí wọ́n ti tẹ̀wé ló yí i padà. Àwọn atẹ̀wé ti dá a padà fún Bàbá Ọfà pé kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, bàbá sì ti fọwọ́ sí i láìṣí i.

"Àwòrán mi ni. Mo rò pé mo mọ ohun tó wà níbẹ̀." Ohùn wọn ti di ti ọmọdé. "Ìdánwò ńkọ́? Ta ló kọ ìdáhùn?"

"Àwọn olùrànlọ́wọ́ ni, sà. Inú ìwé ni wọ́n ti wò ó kọ."

Bàbá Ọfà jókòó wọ̀ọ̀. Ojú wọn kò kúrò lára káàdì náà. Àbúrò bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù pé nǹkan fẹ́ ṣe wọ́n. Ìgbà tí wọ́n wá la ẹnu, ohun tí wọ́n wí ni pé, "Mélòó?"

Olórí ẹ̀ka fẹ́ kí wọ́n rọra tún ìwé ṣe, kí etí kan má gbọ́ ọ. Ó ní ohun tó ti kọjá ti kọjá. Níbi ìpàdé yẹn ni Bàbá Ọfà, tí kò bá ẹnikẹ́ni jà rí, ti fi ọwọ́ lu tábìlì débi pé ife omi ṣubú. Wọ́n ní bí wọn kò bá tún àwọn ìwé ìdánwò náà yẹ̀ wò, àwọn á dúró sẹ́nu géètì, àwọn á máa sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá wọlé. Ẹ̀ka náà yẹ àwọn ìwé náà wò. Ìwé ọdún mẹ́fà péré ló kù, wọ́n ti sun ìyókù. Nínú ọdún mẹ́fà yẹn nìkan, ènìyàn mẹ́tàdínlógójì ló yẹ kó yege tí wọn kò yege. Mẹ́ta nínú wọn ni wọ́n ti lé lọ. Wọ́n kọ lẹ́tà sí gbogbo wọn. Ìwé ti ẹ̀gbọ́n Àbúrò ti di eérú tipẹ́, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi jẹ́rìí.

"Èmi á jẹ́rìí," ni Bàbá Ọfà wí nígbà tí Àbúrò sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún wọn. "Mú mi lọ sọ́dọ̀ rẹ̀."

Ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n dé ilé àwọn Àbúrò. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń bá ìyá wọn tún ẹ̀rọ ìlọta ṣe ní kọ̀rọ̀ ilé ìdáná. Bàbá wọn jáde síta pẹ̀lú síngílẹ́ẹ̀tì, wọ́n rí ọ̀jọ̀gbọ́n, wọ́n sì sáré padà lọ wọ ẹ̀wù. Nígbà tí gbogbo wọn jókòó tán, Bàbá Ọfà kò jẹ́ kí wọ́n bu omi fún àwọn. Wọ́n sọ gbogbo rẹ̀ láìfepo bọyọ̀. Wọ́n ní ọmọ yìí ló gbà á, ìwé àwọn ló ṣì í.

Bàbá wọn ń wo ẹnu ọ̀jọ̀gbọ́n bí ẹni tí wọ́n ń sọ èdè mìíràn fún. Nígbà tó yá, wọ́n yíjú sí ọmọkùnrin wọn.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Mo sọ, Bàbá."

Kò pariwo. Kò tiẹ̀ dún bí ẹni tó ń bínú. Ṣùgbọ́n bàbá wọn gbé ọwọ́ méjèèjì lérí, wọn kò sì gbé e kúrò. Ìyá wọn kígbe kékeré kan láti ẹnu ilẹ̀kùn.

"Fi hàn mí," ni bàbá wọn wí níkẹyìn. "Ohun tí wọ́n torí ẹ̀ lé ẹ. Fi hàn mí."

Àbúrò yọ káàdì mẹ́fà náà jáde nínú àpò, àwọn tó ti tún yà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tò wọ́n sórí tábìlì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fi ìka sórí èyí àkọ́kọ́, ó ní, "Ẹni tó ní ló ń fún ni, Bàbá. Ẹni tí kò ní, òun ló ń gbà. Ọfà á kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó ní. Òun náà nìyẹn."

"Òun náà nìyẹn?"

"Òun náà nìyẹn."

Bàbá wọn gbé káàdì náà, wọ́n gbé e sún mọ́ ojú. "Kékeré báyìí," ni wọ́n ń wí. "Kékeré báyìí!"

Bàbá Ọfà dìde lórí àga. Àgbà bí i tiwọn fẹ́ kúnlẹ̀, ẹ̀gbọ́n Àbúrò sì yára di wọ́n ní apá. Wọ́n bẹ̀bẹ̀. Wọ́n ní àwọn ti bá ilé ẹ̀kọ́ sọ ọ́, pé bó bá wù ú láti padà wá, ààyè wà fún un láti September.

"Mo gbọ́, sà," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. Gbogbo ilé ń retí kó sọ ìyókù, kò sì sọ ọ́. Títí di bí mo ṣe ń wí yìí, kò tíì dáhùn bóyá ó ń lọ tàbí kò lọ. Ó tọrọ gáfárà, ó ní gírísì wà lọ́wọ́ òun, ó sì wọ inú ilé ìdáná. Àbúrò gbọ́ nígbà tó ṣí omi ẹ̀rọ. Omi náà ń dà, ó ń dà, ó pẹ́ ju bí ènìyàn ṣe ń fọ ọwọ́ lọ. Àbúrò dìde pé kí òun lọ bá a, ìyá wọn sì fi ojú sọ fún un pé kó jókòó.